Ẹnìkan Kì í Jẹ́ Àwá Dé

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́langba ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní àdúgbò Ọjà Àtijọ́ ní Lọ́kọ́ja, ibì kan ṣoṣo ni a máa ń ṣí nínú Bíbélì bí ọ̀rọ̀ bá kan jíjí ìwé wò nínú ìdánwò. Òfin kẹjọ nínú òfin mẹ́wàá ni, èyí tó kọ olè jíjà. A ó kà á, a ó ṣàlàyé pé ìdáhùn tí ọmọ kò fi orí ara rẹ̀ rò, ẹrù olè ni, a ó gbàdúrà, a ó sì túká. Ẹ̀kọ́ náà wọlé sí wọn lára nígbà náà, nítorí ẹni tó bá ń jíwèé wò láyé ọjọ́un mọ ohun tí òun ń ṣe. Òun nìkan ló ń dá a ṣe. Yóò kọ nǹkan sí àtẹ́lẹwọ́, yóò ká ìwé pélébé sínú ìbọ̀sẹ̀, yóò sì máa ṣọ́ ẹni tó jókòó tì í bó ṣe ń ṣọ́ olùkọ́. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ojú á tì í, ojú á ti ìyá rẹ̀.

Ẹ́kísípò kì í ṣe ohun tuntun o. Àwọn tó dàgbà tó yóò rántí bí ìbéèrè Wáẹ̀kì ṣe lu síta ní 1977, tí àwọn ènìyàn fi sọ ọdún náà ní Ẹ́kísípò 77. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí báyìí yàtọ̀ sí ti ìgbà náà. Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kíláàsì àṣekágbá yóò ti jókòó ìpàdé. Wọn yóò yan ẹni tí yóò gba owó lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, owó tí wọ́n fẹ́ fi bá àwọn alámòójútó sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn yóò máa bójú tó ẹgbẹ́ wọ́sáàpù tí ìdáhùn yóò gbà wọlé. Àwọn òbí mọ̀ sí i, àwọn ló sì ń sanwó. Àwọn òbí mìíràn a tilẹ̀ yọ ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn á lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìletò kan tí ọmọ náà kò dé rí, nítorí pé mírákù sẹ́ńtà wà níbẹ̀.

Ka òfin kẹjọ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ létí, yóò ṣe àmín, kò sì ní ro ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ta ló jí nǹkan ta? Ẹni tó ni ìdáhùn ló fi tọrẹ, gbogbo wọn ló dáwó, kò sí ẹni tó pàdánù. Kódà bí a bá sọ fún wọn pé òfin 1999 tó de jìbìtì ìdánwò ní Nàìjíríà kò yọ ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sílẹ̀, pé ó lè san 100,000 náírà tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, wọn á wo ara wọn lójú, wọn á rẹ́rìn-ín. Wọn kò tíì rí ẹni tó lọ.

Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù gan-an ni kí ẹgbẹ́ pè wọ́n ní ìkà. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń gbọ́ lẹ́nu wọn jù. Ẹni tó mọ ìṣirò tó sì bo ìwé rẹ̀, ìkà ni. Ẹni tí kò dáwó, ọ̀dàlẹ̀ ni, ó fẹ́ lọ tú àṣírí. Àwọn àgbà wí pé àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́, òwe yìí sì ni olùkọ́ púpọ̀ fi ń parí ẹ̀kọ́ nípa ẹgbẹ́ burúkú. Mo bọ̀wọ̀ fún òwe náà, ṣùgbọ́n kò bá ọ̀ràn yìí mu tán. Ajá inú òwe jẹ́ àjèjì sí àgùntàn. Ẹni tó ń tọrọ ìdáhùn lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì mi, wọ́n ti jọ ń jẹ gàrí láti kíláàsì kìn-ín-ní, òun ló yá a ní owó ọkọ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ìfẹ́ ló ń fa ọmọ náà. Olùkọ́ tó bá dúró níwájú kíláàsì tó ń pe ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ajá ti pàdánù wọn kí ó tó ṣí Bíbélì.

Nítorí èyí ni mo ṣe gbé ẹ̀kọ́ náà kúrò ní òfin mẹ́wàá lọ sí Ẹ́kísódù orí 23. Ẹsẹ kejì níbẹ̀ ni gbogbo wa mọ̀: ó kọ̀ fún ènìyàn láti máa tọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn lọ síbi búburú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ti ń dúró. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ka ẹsẹ kẹta sí i, ẹnu a sì yà wọ́n. Ó ní kí ẹni tó jókòó nídìí ẹjọ́ má ṣe gbè sẹ́yìn tálákà nítorí pé ó jẹ́ tálákà. Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ bínú sí i. Ṣé Ọlọ́run kò fẹ́ràn tálákà ni? A ó wá jókòó sórí rẹ̀ dáadáa. Ìwé kan náà, orí kan náà, ẹsẹ kẹfà, ló tún sọ pé kí a má ṣe yí ẹjọ́ tálákà po. Ohun tí Mósè ń sọ ni pé àwọn ibì kan wà tí àánú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òṣùwọ̀n.

Ọmọ ọjà ni púpọ̀ nínú wọn, nítorí náà òṣùwọ̀n yé wọn. Wọ́n mọ̀ pé ìyá tó ń ta ìrẹsì lè fi ẹ̀kúnwọ́ méjì ṣe èènì fún opó tó wá rajà, tí gbogbo ọjà yóò sì yìn ín. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè tìtorí opó lu ìdí mọdú síta, torí mọdú kì í ṣe ti òun àti opó nìkan. Gbogbo ẹni tí yóò rajà lẹ́yìn opó ló ni ín. Ìdánwò ni mọdú. Ìrànlọ́wọ́ ni èènì. Ìgbà tí a bá dé ibí yìí ni mo máa ń ní kí wọ́n ka ẹsẹ kẹrin àti ìkarùn-ún: bí o bá rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ọ̀tá rẹ tí ẹrù wó mọ́lẹ̀, o kò gbọdọ̀ kọjá lọ, kí o bá a gbé e. Ọ̀tá ni Bíbélì sọ níbẹ̀ o, ká má tíì sọ ọ̀rẹ́. Ẹni tó bo ìwé rẹ̀ nínú yàrá ìdánwò, tí kò sì tíì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó ti ìṣirò ní gbogbo oṣù tó ṣáájú, kò tíì mú ẹsẹ karùn-ún ṣẹ. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ báyìí ni àwọn ọmọ tó mọ̀wé nínú kíláàsì mi ṣíwọ́ láti máa gbéraga, tí àwọn tí kò mọ̀wé tó wọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lanu sọ òótọ́.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi lọ́dún kan. Ẹja gbígbẹ ni ìyá rẹ̀ ń tà. Wọ́n ti gba owó ní kíláàsì wọn, ìyá sì ti fún un ní tirẹ̀, nítorí ó ń bẹ̀rù pé wọn yóò ya ọmọ òun sọ́tọ̀ bí kò bá san. Ọmọ náà kò tíì fi owó náà sílẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi kan kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ó dìde béèrè pé: “Mà, bí mi ò bá dáwó, tí wọ́n sì wá kọ ìdáhùn sójú pátákó, ṣé kí n di ojú mi ni?”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, torí gbogbo wọn ló mọ̀ pé kì í ṣe àlọ́. Ọmọkùnrin kan ní kí ó kọ tirẹ̀ parí ná, kí ó tó gbójú sókè. Ẹlòmíràn ní bó bá gbójú sókè láti yẹ tirẹ̀ wò ńkọ́, ṣé ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀? Mo ní kí a ṣí Dáníẹ́lì orí kìn-ín-ní, kí a sì kà á gẹ́gẹ́ bí ìtàn ilé-ẹ̀kọ́, nítorí ohun tó jẹ́ nìyẹn. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ìlú àjèjì. Wọ́n fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta nínú ìwé àti èdè àwọn ará Kálídéà. Nígbà tí ó parí, ọba fúnra rẹ̀ jókòó dán wọn wò. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fi orí yìí kọ́ni nípa oúnjẹ àti ààwẹ̀, wọn kì í rántí pé ìdánwò ló wà nípàrí rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n wo ohun tí Dáníẹ́lì gbà àti ohun tó kọ̀. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Bẹlitéṣásárì, kò jà. Wọ́n kọ́ ọ ní ìwé àwọn kèfèrí, ó kọ́ ọ yanjú. Ohun kan ló yà sọ́tọ̀, oúnjẹ àti wáìnì ọba, ó sì ti pinnu rẹ̀ lọ́kàn kí wọ́n tó gbé àwo síwájú rẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìdáhùn ọmọbìnrin náà wà. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ìdáhùn wà lójú pátákó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, ojú rẹ̀ yóò ti rìn ṣáájú ọkàn rẹ̀. Kò sí nínú agbára rẹ̀ láti nu pátákó náà, Ọlọ́run kò sì bi í nípa èyí tí kò sí nínú agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bíbéèrè wà nínú agbára rẹ̀, bí Dáníẹ́lì ṣe béèrè. Olórí àwọn ìwẹ̀fà kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, ó ní òun ń bẹ̀rù kí ọba má baà bẹ́ òun lórí. Dáníẹ́lì kò bú u. Ó lọ bá ìríjú tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ní kí ó dán àwọn wò fún ọjọ́ mẹ́wàá péré. Àwọn ọmọ máa ń gbàgbé pé olùkọ́ tó ń gbowó lọ́wọ́ wọn náà ní ẹni tó ń bẹ̀rù.

Ọmọ náà dá owó padà fún ìyá rẹ̀. Ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà pé òun kò ní tú àṣírí, òun kò sì ní wo pátákó, kí wọ́n má ṣe bínú sí òun. Nígbà tí ọjọ́ ìṣirò dé, wọ́n kọ ìdáhùn lóòótọ́. Ó tẹ orí ba, ó kọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn ojú pátákó kò tọ́, tí gbogbo àwọn tó kù sì ti dà á kọ ní ìlà kan náà.

Àwọn ọmọ kì í fẹ́ gbà pé ibi tí àṣírí ti ń tú jù nìyí. Ẹni tó ń ṣàmì fún Wáẹ̀kì máa ń rí ìwé ọmọ púpọ̀ láti sẹ́ńtà kan náà. Ọmọ púpọ̀ lè gba ìbéèrè kan tọ̀nà, ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ ṣì í ní ìlà kan náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, kì í ṣe ohun tó ń ṣèèṣì ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń ṣàmì yóò kọ ọ́ ránṣẹ́, àjọ yóò sì dá èsì dúró. Èsì ìṣirò ti kíláàsì náà wà lára èyí tí wọ́n dá dúró, ti ọmọbìnrin wa sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ló tó tún un ṣe.

Òwe wa kan wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Hẹ̀rẹ̀-huru yẹn ti di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 2025, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì Wáẹ̀kì pẹ́ títí di alẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí pé àjọ náà ń sapá kí ìbéèrè má baà lu síta, àwọn ọmọ tí kò ṣẹ̀ sì ń fi iná fóònù kọ̀wé. Lọ́dún kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè aláṣàyàn tó yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báólójì àti ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yẹn kò lè mú kí ọmọ ṣíwọ́ láti máa gbà pé ìkà ni ẹni tó bá bo ìwé.

Nígbà tí èsì jáde, ọmọbìnrin náà padà wá sí kíláàsì, ó sì béèrè ohun tí òun jèrè. Olùkọ́ kan tó wà níbẹ̀ fẹ́ kà fún un láti inú Dáníẹ́lì 1, ibi tí ọba ti rí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin náà pé wọ́n sàn ju àwọn amòye rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má kà á. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, ṣùgbọ́n ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn mẹ́rin ni, a kì í sọ ọ́ di àdéhùn fún ọmọ tí èsì rẹ̀ wà ní àtìmọ́lé. Orí kẹta ìwé kan náà ni mo ní kí a kà. Nígbà tí Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò dúró níwájú iná ìléru, wọ́n sọ fún Nebukadinésárì pé Ọlọ́run àwọn lè gba àwọn. Wọ́n sì fi kún un ní ẹsẹ kejìdínlógún pé bí kò bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àwọn kò ní tẹrí ba fún ère rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó sọ gbólóhùn yẹn kò mọ̀ pé ẹni kẹrin yóò bá wọn wọnú iná.

Mo ń sọ èyí gbangba nítorí ohun tí ìjọ wa ń ṣe lásìkò Wáẹ̀kì. A ó pe ìṣọ́ òru, a ó kó báírò jọ síwájú pẹpẹ, a ó fi òróró yàn wọ́n. Lẹ́yìn náà, bí èsì bá jáde, a ó pe ọmọ tó gba máàkì tó ga jù síwájú, ìyá rẹ̀ yóò jó, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè sẹ́ńtà tí ó ti ṣe é. Àwọn ọmọ ń wò wá. Ẹni tó ṣe òótọ́ tó sì gba máàkì kékeré jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ náà, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ wa, ẹ̀kọ́ náà sì lágbára ju èyí tí mo ń kọ́ ọ lọ. Òwe 1 kìlọ̀ fún ọmọ nípa àwọn tí yóò pè é pé kí wọ́n jọ ní àpò kan ṣoṣo. Nígbà tí mo ka ẹsẹ kẹrìnlá yẹn fún àwọn òbí ní ìpàdé kan, ìyá kan dìde, ó ní òun ló fi owó sí àpò náà, pé bí òun kò bá fi sí i, ọmọ òun yóò wà nílé lọ́dún tó ń bọ̀ nígbà tí ọmọ aládùúgbò òun yóò ti wọ yunifásítì. Mi ò bá a jiyàn. Ẹgbẹ́ ló ń ti òun náà.

Níbi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé lónìí, mi ò gbà mọ́ pé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ yìí ni láti sọ ọmọ kan di akọni. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Dáníẹ́lì kò dá wà. Ó ní Hananáyà, Míṣáẹ́lì àti Asaráyà, wọ́n jọ jẹ ẹ̀fọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n jọ wọlé sí ìdánwò. Ọmọbìnrin oníbéèrè wa kò ní irú wọn nínú yàrá tó jókòó sí. Nínú kíláàsì ọjọ́ ìsinmi wa, àwọn ọmọ láti ilé-ẹ̀kọ́ oríṣiríṣi ló wà, Ọ̀kun, Ẹ̀bìrà, Ígálà, Nupé, wọn kì í sì í pàdé láàárín ọ̀sẹ̀. Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan náà pọ̀ ní mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin. Wọ́n ń pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé láti ṣe ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó mọ̀ ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀. Ẹ̀kọ́ Bíbélì fúnra rẹ̀ la gbé wá sí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún tó ṣáájú àṣekágbá. Tẹ́lẹ̀, oṣù kẹrin la ń kọ́ ọ, nígbà tí ìdánwò ti dé ẹnu ọ̀nà, tí owó ti kúrò lọ́wọ́ wọn, tí ọ̀rọ̀ sì ti bọ́ lẹ́nu wọn.

Àmì kan wà tí mo fi ń mọ ọmọ tí a ti fẹ́ pàdánù. Kì í bínú, kì í jiyàn. Ó kàn ń ṣíwọ́ láti mú ìwé wá ní Sátidé ni. Bí mo bá béèrè ìdí, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní wọ́n ti bá òun ṣètò rẹ̀. Tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn nísinsìnyí, mi ò ní dúró de ọjọ́ ìsinmi láti wàásù fún un. Àwọn mẹ́ta tó kù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ń rán sí i, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, pẹ̀lú ìwé ìṣirò lọ́wọ́ wọn.